Iṣu tí a fọwọ́ bò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú òwe orí báńà ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ọdún tí mo kọ́kọ́ di akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ abúlé wa, èmi ni wọ́n ní kí n lọ tẹ báńà ìpàdé ọdún. Iṣu la ń gbìn jù. Iṣu ọdún náà sì ta gan-an, owó tó wọlé ju ti èṣí lọ. Mo wá òwe tó bá a mu, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ." Mo tún ní kí wọ́n fi àwòrán iṣu méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀yìn tábìlì tí alága, akápò àti ayẹ̀wé-owó-wò jókòó sí la so ó kọ́ sí. Akápò ò tíì ka ìṣirò owó dé ìdajì tí ìyá àgbà kan fi nawọ́ sókè. Wọ́n nàka sí báńà tó wà lẹ́yìn akápò, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú o. Èwo gan-an lẹ fọwọ́ bò nínú owó wa?"

Ẹ̀rín bú sẹ́ta. Akápò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn títí ìpàdé fi tú, kò sí iye tó kà tí ẹnì kan ò bi í bóyá ti òkè ọwọ́ ni tàbí ti abẹ́ ọwọ́.

Ìyá ò ṣì wí. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni òwe náà ń sọ. Bí nǹkan ẹni bá dára, kí a má gbé e síta, nítorí ojú ayé. Baba lè fi kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, kó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí iṣu jẹ́ ti gbogbo wa, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí a ó ṣí ọwọ́ fún ara wa la pe ìpàdé sí, ohun tí mo kọ sẹ́yìn akápò kò yàtọ̀ sí ìjẹ́wọ́.

Àṣìṣe tí mo ṣe yìí ni mo ń rí jù lórí báńà àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀. A máa ń wo ohun tí òwe dárúkọ, iṣu, òjò, igi, ọgbà, a kì í wo ìgbà tí àwọn àgbà máa ń pa á. Mo ti rí báńà kan tí wọ́n ya ọmọ kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́ta sí, tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò." Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé láti kékeré ni nǹkan ti ń di ńlá. Ó dára, ṣùgbọ́n àdá ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa òwe yẹn. Ìyókù rẹ̀ ni pé bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́wọ́ la máa ń pa á, tàbí tí ìjà ààlà oko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúgbó bọ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ àwòrán ọmọ kòkó tí ẹ fẹ́ kó dàgbà! Bí ẹ bá fẹ́ lò ó nínú ẹgbẹ́, inú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀yáwó oṣù àkọ́kọ́ ló yẹ, kì í ṣe orí báńà.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Nítorí "díẹ̀díẹ̀" tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ fẹ́ràn "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà." Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ nítòsí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ̀ mọ ohun tí òwe yẹn ń wí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í já ọgbà lẹ́ẹ̀kan. Imú ló máa kọ́kọ́ tì í, ọgbà á gbà á láyè díẹ̀, orí á tẹ̀ lé e, kí olóko tó dé, ó ti hú ilẹ̀ kiri. Ìkìlọ̀ fún olóko ni, ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ni oko. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀" lẹ fẹ́, "Díẹ̀díẹ̀ lọjà ń kún" ń bẹ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bà jẹ́ nínú rẹ̀. Ó tún jọ ohun tí à ń ṣe gan-an: oníkálukú gbé ẹrù tirẹ̀ dé ní àsìkò tirẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọjà ti dúró.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ kó tó sanwó ìtẹ̀wé? Má bi àgbà pé kí ni ìtumọ̀ òwe. Bó o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi inú rere túmọ̀ rẹ̀ síbi tí o ń lọ. Ohun tí mo ń bèèrè báyìí ni pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ pa òwe yìí kẹ́yìn, ta lẹ sì pa á fún?" Bí bàbá bá ní ọjọ́ tí àbúrò àwọn kó gbèsè wálé ni, mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Mo sì máa ń bi ó kéré tán èèyàn 2, ọkùnrin kan, obìnrin kan, torí àwọn ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà máa ń gbọ́ èébú nínú òwe kí àwa tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yà kejì àṣìṣe yìí ṣòro díẹ̀ láti rí, nítorí pé òwe náà tọ̀nà, kò sí ẹni tó lè bá a wí, àmọ́ ó dojú kọ ẹnì kan. Lọ́dún kejì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ dábàá eléyìí: "Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́." Òwe àgbẹ̀ ni lódindi. Oko wà ńbẹ̀, ìṣirò wà ńbẹ̀, sùúrù pàápàá wà ńbẹ̀ fún ẹni tó bá ronú sí i. Àmọ́ kí ó tó parí rẹ̀, akápò ti dìde dúró: "Ta lẹ ń bá wí?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ìwé owó ló máa dúró kà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ojú ló sì máa wà lára rẹ̀. Òwe tó bá ń wá ẹlẹ́bi, bí ẹlẹ́bi ò bá sí nílé, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa mú. A fi sílẹ̀.

Ti àmì orí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ kàn, torí ibẹ̀ ni owó máa ń bọ́ sọ́nù sí. Ẹ gbà kí wọ́n kọ "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" láìsí àmì, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: ISE LOOGUN ISE. Èwo niṣẹ́, èwo nìṣẹ́? Ẹni tó mọ òwe náà á kà á, ọmọ iléèwé tó dúró lẹ́yìn á kà á sódì. IGBA lè jẹ́ àsìkò, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, ó sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì. Ní ti OKO, ẹ̀yin náà mọ ohun mìíràn tí àwọn ọ̀dọ́ máa fi kà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni atẹ̀wé jẹ̀bi. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan pàtó fún ẹ́ tàbí ọ̀ tó ní àmì lókè tó sì ní kíkán nísàlẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà máa ń tò léra wọn. Bí irú lẹ́tà tí atẹ̀wé yàn ò bá mọ̀ ọ́n tò, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré yọ síbẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù rí, kò ní àbùkù kankan, atẹ̀wé dà á sínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń ya báńà, ó yan lẹ́tà tó rí róbótó, gbogbo kíkán abẹ́ pòórá. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń tẹ òwe, mo máa ń lo irú lẹ́tà Noto Sans tàbí Charis SIL, mo á fi PDF ránṣẹ́. Mo á ní kó fi báńà hàn mí lójú ẹ̀rọ rẹ̀, mo á ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ní kó ṣe Convert to Curves, kí lẹ́tà má lè yí padà mọ́ bí wọ́n bá gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tó ń tẹ báńà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá lẹ fẹ́ lò látòkè délẹ̀, ẹ ní kó fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà méjì. Bí kò bá sí àyè, àmì orí Ẹ́ máa ń wọnú kíkán abẹ́ Ọ ìlà òkè, a ò ní mọ ti èwo ni.

Òwe gígùn ò bá báńà lọ. Lórí èyí tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, tó ga tó 4, orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ àti ibi ìpàdé ti gba ìdajì. Bí òwe bá ju ọ̀rọ̀ 7 tàbí 8 lọ, lẹ́tà rẹ̀ á kéré débi pé ìlà àga iwájú nìkan ló máa rí i kà. Ẹ má sì gé òwe sí méjì nítorí àyè, nítorí àwọn tó jókòó máa parí rẹ̀ fún yín, bóyá ní ọ̀nà tí ẹ ò fẹ́.

Lọ́dún kejì náà, lẹ́yìn tí akápò ti kọ ti ọgọ́rùn-ún iṣu, ìyá àgbà ọjọ́sí la lọ bá nílé. Wọ́n ń gé èbù lọ́wọ́. Wọn ò dá ọ̀bẹ dúró. Wọ́n ní, "Àgbẹ̀ kì í dáṣọ lóṣù, àfọdún." Mo bi wọ́n ìgbà tí wọ́n pa á kẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù nílùú ló ń bínú pé owó tó fi sínú oko ò tíì mú nǹkan wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun ni àwọn sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa náà ń bá wa fà nìyẹn: kí ló dé tí a kì í pín èrè lóṣooṣù? Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, ó fara mọ́ báńà dáadáa, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

A so ó kọ́. Bí alága ṣe kí gbogbo èèyàn tán, ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọdún ti pé o, aṣọ dà?" Ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí akápò náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé èrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ.