Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ ààbò: sípíà wà nílé, àkáǹtì kò mọ̀ ọ́n rí

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́kọ́rọ́ ààbò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré bíi YubiKey tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé àwa gan-an la fẹ́ wọ àkáǹtì wa, ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó ra méjì. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ràn, wọ́n ń ra méjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìkejì á wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ọjọ́ tí ti ọwọ́ wọn bá já bọ́ nínú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n á sáré fa sípíà yọ. Wọ́n á kì í bọ kọ̀ǹpútà, iná orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, wọ́n á fọwọ́ kàn án, àkáǹtì á sì ní òun kò mọ kọ́kọ́rọ́ yìí.

Ohun tó fa àṣìṣe náà ni pé a ń fi ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò ó. Tí ẹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ bá àwọn tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́jà, wọ́n á gẹ́ ìkejì rẹ̀ kíá. Eléyìí kò ṣeé gẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an kì í gẹ́ ìkejì rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, ńṣe ló máa ń dá àṣírí tuntun sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ fún ibẹ̀ nìkan, àṣírí náà kì í sì í jáde kúrò nínú rẹ̀ láéláé. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn gbájúẹ̀ má lè jí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn náà ló sì fà á tí sípíà fi gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ Apple kì í tilẹ̀ jẹ́ kí èèyàn fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀: ó kéré tán, méjì lẹ ó forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ. Ó wù wá kí àwọn yòókù máa ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Èkìtì ló fẹ́ dáàbò bo ímeèlì tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Lórí Google, yóò lọ sí myaccount.google.com, yóò tẹ Security, lẹ́yìn náà 2-Step Verification, yóò wá ṣí Passkeys and security keys. Ibẹ̀ ni yóò ti fi kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ kún un. Kó má tíì dìde. Kó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó fi ìkejì sí i, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí méjèèjì bá wà lára kọ̀ǹpútà pa pọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò máa ṣẹ́jú. Tó bá lọ fọwọ́ kan èyí tó ti wà ní àkọsílẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun á sì rò pé sípíà ti wọlé.

Ibi tó tún burú ju ìyẹn lọ wà lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ kún un, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sábà máa ń yára sọ pé òun fúnra òun lòun máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á tẹ ibi tí wọ́n bá kọ́kọ́ nà sí i, á fi ìka ọwọ́ tàbí píìnì kọ̀ǹpútà fọwọ́ sí i, ó parí. Kọ̀ǹpútà ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe sípíà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: bí iná orí kọ́kọ́rọ́ kò bá ṣẹ́jú, tí wọn kò sì ní kí ẹ fọwọ́ kàn án, kò wọlé. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Security key sí, tàbí Use another device. Bó bá wọlé tán, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tó yéni, bíi “Ti Ọwọ́” àti “Ti Ìkọ̀lé” bó bá jẹ́ ìlú Ìkọ̀lé ni sípíà máa wà, kí ẹ má baà pa èyí tó wà lọ́wọ́ yín rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa èyí tó sọnù rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ má ṣe jáde kúrò nínú àkáǹtì tó ṣí sílẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ìyẹn Incognito, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi sípíà nìkan wọlé láti ibẹ̀. Ẹ dán an wò lórí fóònù náà. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà nígboro kò ní NFC, nítorí náà fífi kọ́kọ́rọ́ kan ẹ̀yìn fóònù kò ní ṣiṣẹ́. Sípíà tó jẹ́ USB-A kò sì lè wọ ihò ṣájà fóònù àfi tí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tó so wọ́n pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OTG. Inú páálí sípíà ni kí OTG náà máa gbé.

Ẹ má so méjèèjì mọ́ ìdì kan náà, ìyẹn kò gba àlàyé. Akọ̀wé wa fi sípíà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù méjì lẹ́yìn náà ló ṣí àkáǹtì GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù wẹ́ẹ̀bùsáìtì sí, fún ẹni tó ń bá wọn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹgbẹ́, ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì fi síbẹ̀. Sípíà tó jìnnà kì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ. GitHub ní tirẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá pàdánù ohun ìwọlé àti kóòdù ìgbàlà rẹ̀, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń fúnni láti fi wọlé lọ́jọ́ ìṣòro, àwọn kò lè bá a ṣí àkáǹtì náà. Ohun tó yẹ ni pé kí ó ní bébà kan tí orúkọ gbogbo àkáǹtì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àmì lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ti wọ ibẹ̀. Àkáǹtì tí kò bá tíì ní àmì méjì, kó tẹ kóòdù ìgbàlà rẹ̀ sórí ìwé kó tó sùn, títí yóò fi dé Ìkọ̀lé. Google máa ń fúnni ní kóòdù 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba tuntun, ti àtijọ́ ti kú nìyẹn, kí ẹ ya ìwé rẹ̀ dànù. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sínú ímeèlì tí ẹ fẹ́ fi ṣí.

Píìnì tún wà. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ẹ bá yí ti ọwọ́ yín padà, ti Ìkọ̀lé kò gbọ́ nǹkan kan. Lórí YubiKey, bí ẹ bá ṣi píìnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó tún fi í sí i kó tó gbà. Bó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó ti tì pa, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ìyẹn ni pé ẹ ó tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo. Sípíà tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún kan ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí náà píìnì kan náà ni kí ẹ fi sórí méjèèjì.

Bí ti ọwọ́ bá sọnù ní tòótọ́, ẹ fi sípíà wọlé, kí ẹ pa orúkọ èyí tó sọnù rẹ́ lórí gbogbo àkáǹtì tó wà lórí bébà, kí ẹ sì ra òmíràn lọ́sẹ̀ náà, nítorí sípíà ti di ẹyọ kan ṣoṣo tó kù. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá sì wá dá a padà lẹ́yìn tí ẹ ti pa á rẹ́, kò lè ṣí nǹkan kan mọ́. Bíi tuntun lẹ ó ṣe forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.