Ìdí tí bátìrì tó ti kú fi ń jí lẹ́yìn ìsinmi

Bátìrì álíkáláìnì inú rédíò á dákẹ́ lálẹ́, bó bá di àárọ̀, á tún sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa ní Kàbà, ní Ìyàrà, títí dé Ìsánlú. Kì í ṣe pé iná tuntun wọ inú rẹ̀ lóru.

Lẹ́búlẹ́bú síǹkì ló wà láàárín bátìrì, máńgáníìsì yí i ká, omi kẹ́míkà líle sì rin méjèèjì. Bí iná ṣe ń jáde, síǹkì ń lo èròjà inú omi tó wà nítòsí rẹ̀, tọ̀nà jíjìn sì gbọ́dọ̀ rọra rìn débẹ̀. Ó dà bí kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí a bá ń fà á ju bó ṣe ń sun lọ, korobá á kan ilẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, omi á tún pé jọ. Bí ìsun bá gbẹ tán ńkọ́? Ìsinmi kò ní ràn án mọ́.

Bí ohùn rédíò bá ròkè, ó ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó tún dẹ̀. Ní àkókò yẹn, fóltéèjì máa ń já lọ́nà méjì. Èkíní já wálẹ̀ lójijì, nítorí ìdènà inú bátìrì. Èkejì ń rọra sọ̀kalẹ̀, nítorí èròjà inú omi tó ń tán nítòsí síǹkì. Bí fífà bá dúró, apá kan á fò padà lójú ẹsẹ̀, ìyókù á máa gùn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí rédíò tó ń kú nígbà tí ohùn bá ròkè fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Mítà tó ń ka fóltì nìkan lè tan yín jẹ bí bátìrì kò bá ru ẹrù, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ń fa iná rẹ̀. Ẹ so rẹsísítọ̀ óòmù 2.2, tó lè gba wọ́ọ̀tì 2, mọ́ orí àti ìdí bátìrì fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ kà á. Ẹ má fi ọwọ́ di rẹsísítọ̀ mú, ó lè gbóná. Ká ní ó ka fóltì 1.30 láìrù, tó sì já sí 0.90 nígbà tó ń rù. Iná tó ń kọjá jẹ́ 0.90 ÷ 2.2, bí ámpì 0.41. Fóltì 0.40 ló sọnù sínú bátìrì, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ bí óòmù 1. Ti bátìrì tuntun kò tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Bí bátìrì tó ti rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àárín àwọn tuntun nínú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n lè fipá fà á kọjá fóltì òfo, á sì jò.

Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò fún aago ara ògiri. Aago a máa fa iná bíńtín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìyókù sinmi.

Ẹ má ṣe sá bátìrì sóòrùn, ẹ má sì fi eyín tẹ̀ ẹ́: oòrùn kò dá èròjà kankan padà, omi inú rẹ̀ sì ń jó awọ ara. Bó bá kan yín, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Bó bá kan ojú, ẹ máa ṣàn án títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.