Má ṣe gba hísítógíráàmù àkọ́kọ́ gbọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa ìbú ìpín

Ní ọgbà Yẹ́lósítóònù, ní ìpínlẹ̀ Wàyómíǹ ní Amẹ́ríkà, ihò kan wà nínú ilẹ̀ tí omi gbígbóná máa ń tú jáde níbẹ̀. Omi náà á fò sókè fíofío fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dákẹ́, nígbà tó bá sì tó àkókò, á tún tú. Ólúdì Féítífù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ṣọ́ ihò yìí, wọ́n sì kọ iye ìṣẹ́jú tí omi náà fi tú sílẹ̀, ìgbà 272 gbáko. Àkọsílẹ̀ yẹn wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń lò, orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni `faithful`. Ẹni tó bá ní R lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè dán gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wò fúnra rẹ̀.

Hísítógíráàmù kò ju pé ká gé ìlà nọ́ńbà sí ìpín-ìpín, ká ka iye nọ́ńbà tó bọ́ sínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ká sì fi ọ̀pá tó ga tó iye náà dúró fún un. Bí ìpín kan ṣe fẹ̀ tó ni à ń pè ní ìbú ìpín. Dátà kọ́ ló ń mú ìbú yìí wá. Ẹni tó ń ya àwòrán ló ń yàn án, tí kò bá sì yàn án, kọ̀ǹpútà á bá a yàn án láìbéèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìbú ìdajì ìṣẹ́jú ka àkọsílẹ̀ omi yìí, ká bẹ̀rẹ̀ láti 1.5:

```
x <- faithful$eruptions
hist(x, breaks = seq(1.5, 5.5, by = 0.5), right = FALSE)
```

Iye tó wà nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nìyí, ìṣẹ́jú ní apá òsì, iye ìgbà ní apá ọ̀tún:

```
1.5 - 2.0   51
2.0 - 2.5   41
2.5 - 3.0    5
3.0 - 3.5    7
3.5 - 4.0   30
4.0 - 4.5   73
4.5 - 5.0   61
5.0 - 5.5    4
```

Òkè méjì ló wà níbẹ̀, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Omi yìí máa ń tú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, tàbí kó tú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n kó dá dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ẹ bá ṣírò ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3.49 ni ẹ máa rí, inú àfonífojì gan-an ló bọ́ sí, níbi tí ìgbà méje péré wà nínú 272. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí àfonífojì yẹn máa sọ pé omi yìí sábà máa ń tú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, èyí tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹ má fẹ ìpín títí tí yóò fi bo àfonífojì mọ́lẹ̀

Ẹ mú àkọsílẹ̀ yìí kan náà, kí ẹ fi ìbú ìṣẹ́jú méjì kà á, láti 1 lọ sí 7. Ọ̀pá mẹ́ta ni ẹ máa rí: 97, 171, 4. Òkè kan ṣoṣo ló kù, ó sì wà láàárín 3 sí 5. Kò sí nọ́ńbà kankan tó sọnù, 272 ṣì ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìpín tó gba 3 sí 5 ti kó ìtújáde 37 tó wà láàárín 3 sí 4 pọ̀ mọ́ 134 tó wà láàárín 4 sí 5, ẹni tó ń wò ó ò sì lè mọ̀ pé iye tó wà ní ìdajì àkọ́kọ́ ìpín náà kéré gan-an sí ti ìdajì kejì. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìpín kan, ọ̀pá rẹ̀ ò lè sọ ọ́. Bí àfonífojì kan bá fẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan, ìpín tó fẹ̀ tó ìṣẹ́jú méjì máa gbé e mì.

Ẹ má rò pé ìbú nìkan ló ń yí àwòrán padà

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo sì rò pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ dúró sórí ìbú ìṣẹ́jú méjì yẹn, ẹ má ṣe yí i padà. Ibi tí ìpín àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sún, kó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dípò 1. Ọ̀pá mẹ́ta náà wá di 51, 83, 138. Òkè tó wà láàárín ti lọ. Àtẹ̀gùn tó ń gòkè lọ sápá ọ̀tún ló kù, bí ẹni pé bí ìṣẹ́jú bá ṣe ń gùn sí i ni ìtújáde ń pọ̀ sí i.

Ìbú ìṣẹ́jú kan pàápàá ò yọ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.5, ẹ máa rí 92, 12, 103, 65, àfonífojì náà sì hàn kedere. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó di 51, 46, 37, 134, 4. Níbí, 12 yẹn ti túká: 5 nínú rẹ̀ lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn, 7 tó kù lọ bá àwọn tó wà níwájú, àfonífojì sì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán. Ẹni tó bá rí èyí nìkan máa sọ pé òkè kan ló wà, pẹ̀lú ìrù gígùn ní apá òsì.

Bí ìpín bá ṣe fẹ̀ tó ni ibi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń lágbára tó. Nítorí náà, ìgbàkigbà tí ẹ bá yan ìbú kan, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ní ìdajì ìbú yẹn, kí ẹ tún un yà. Bí àwòrán méjèèjì bá ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìbú yẹn ti fẹ̀ jù fún ohun tí ẹ ń wá.

Etí ìpín náà nílò àkíyèsí. Ìtújáde mẹ́jọ ló gba ìṣẹ́jú 4.5 géérégé. Ìpín wo ni wọ́n bọ́ sí? Nínú ìkà tí mo ṣe lókè, `right = FALSE` ló ní kí wọ́n lọ sí ìpín tó bẹ̀rẹ̀ láti 4.5, ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ 61. Tí ẹ bá fi R sílẹ̀ bó ṣe wà, á gbé wọn sínú ìpín tó parí sí 4.5, á gbé ọ̀kan tó gba ìṣẹ́jú 5 géérégé wọlé dípò wọn, ọ̀pá kan náà á sì di 54.

Ẹ má gé ìpín kéré ju bí wọ́n ṣe wọn nǹkan náà

Àwọn kan á ní kò burú, àwọn á kúkú gé e tín-ín-rín kí ohunkóhun má bàa fara pa mọ́. Ká ní ẹ lo ìbú 0.01 ìṣẹ́jú. Láti nǹkan bí 1.6 dé 5.1, ìpín 350 nìyẹn, nọ́ńbà 272 péré sì ni ẹ ní. Ọ̀pá á kàn máa yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín òòyà, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òkè àti èyí tó jẹ́ èèṣì.

Ohun mìíràn tún wà nídìí rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 3.333 àti 2.283. Ó jọ pé wọ́n wọ̀n ọ́n fínnífínní, àmọ́ 3.333 kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 200 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 137 sì ni 2.283. Bí wọ́n bá ka nǹkan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìpín 0.01 ìṣẹ́jú kò fẹ̀ ju 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, èyí sì túmọ̀ sí pé ìpín mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ṣófo kódà bí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà wá.

Èyí tó tún ń tan èèyàn jù ni ìbú tó tóbi ju ẹyọ ìwọ̀n lọ díẹ̀. Nínú `faithful` yìí kan náà, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dúró de ìtújáde tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, láti 43 dé 96, kò sì sí ìdá kankan nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìbú 1.5 kà á láti 43, ìpín àkọ́kọ́ á gba 43 àti 44, èkejì á gba 45 nìkan, ẹ̀kẹta á gba 46 àti 47, ẹ̀kẹrin á gba 48 nìkan. Ọ̀pá á máa ga, á máa kúrú, á máa ga, á máa kúrú, kò sì sí ohun tó fà á nínú ilẹ̀ Yẹ́lósítóònù. Ìbú 2 tàbí 3 ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé iye nọ́ńbà kan náà ni ìpín kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà

Nínú Páítọ́ọ̀nù, `matplotlib` máa ń gé dátà sí ìpín mẹ́wàá, ì báà jẹ́ nọ́ńbà 50 tàbí mílíọ̀nù kan. R ń lo òfin `Sturges` ti ọdún 1926, tó ń wo iye nọ́ńbà nìkan. Dátà olókè kan tó dọ́gba sọ́tùn-ún sósì ni òfin náà ní lọ́kàn, kò sì lawọ́: fún mílíọ̀nù kan nọ́ńbà, ìpín 21 ló máa ní kí ẹ gé. Òfin `FD`, ti Freedman àti Diaconis ní ọdún 1981, ń wo bí dátà ṣe tàn ká pẹ̀lú. Fún àkọsílẹ̀ omi wa, ìbú bíi 0.7 ló mú wá, ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ níbi tí òkè méjì bá ti jìnnà síra, òfin yìí náà máa ń fẹ ìpín ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ó ń ka ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín òkè méjèèjì mọ́ ìtànká.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, tí ẹ bá kọ `hist(x, breaks = 3)`, R ò ní fún yín ní ọ̀pá mẹ́ta. Àbá lásán ló ka 3 yẹn sí. Ó máa wá nọ́ńbà tó rọrùn kà, láti 1 dé 6, ọ̀pá márùn-ún á sì jáde, ibi gígé wọn á sì bá ti ìbú ìṣẹ́jú kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 lókè mu. Ẹ fi `seq` sọ ibi tí gígé kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ má jẹ́ kí ìbú yàtọ̀ síra kí ẹ sì máa fi gíga wé gíga

Ká ní ẹnì kan rí i pé 5 àti 7 kéré, ló bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ 30 tó tẹ̀ lé wọn, ó ní òun ń tún àwòrán ṣe. Ìpín 2.5 sí 4 wá di 42, ó sì ga ju 41 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Àfonífojì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá! Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó pín iye kọ̀ọ̀kan sí ìbú rẹ̀: 42 lórí 1.5 jẹ́ 28 fún ìṣẹ́jú kan, 41 lórí 0.5 sì jẹ́ 82. Nínú R, `freq = FALSE` á jẹ́ kí ààyè tí ọ̀pá gbà lórí àwòrán dúró fún iye rẹ̀ dípò gíga.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé òkè méjì yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn ìbú 0.5? Ẹ yà á pẹ̀lú 0.25, 0.5, 0.7, kí ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Gígùn ọ̀pá á yí padà, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín 2.5 sí 3.5 á ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹ̀rí tí hísítógíráàmù ò lọ́wọ́ sí. Ní ìlà kejì àkọsílẹ̀ náà, omi tú fún ìṣẹ́jú 1.8, wọ́n sì dúró fún 54 kó tó tún tú. Ní ìlà karùn-ún, ó tú fún 4.533, wọ́n dúró fún 85. Bẹ́ẹ̀ ló rí jálẹ̀ gbogbo rẹ̀: ìtújáde kúkúrú ni ìdúró kúkúrú sábà máa ń tẹ̀ lé, gígùn sì ni ìdúró gígùn ń tẹ̀ lé. Ohun tí àwọn olùṣọ́ ọgbà náà ń lò gan-an nìyẹn láti fi sọ fún àwọn àlejò ìgbà tí omi tún máa tú.