Ìwálẹ̀ Àárín Kantilífà Oníwọ̀n Méjì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀nà Ìfẹ̀-Mómẹ́ǹtì

Ẹ jẹ́ kí á mú bíìmù kantilífà kan tí ó gùn ní mítà 4, tí orí rẹ̀ kan, A, rì mọ́ ògiri, tí ẹrù 6 kN sì rọ̀ mọ́ orí kejì, C, tí kò sí ohun tí ó gbé e ró. Ìdajì tí ó wà lẹ́bàá ògiri, láti A dé B, nípọn ju ìyókù lọ: EI rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe le tó láti tẹ̀, jẹ́ 16000 kN·m², ti BC sì jẹ́ 8000. Iye tí B fi wálẹ̀ ni a ń wá, a kò sì ka ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe gé bíìmù náà ní B, kí ẹ sì gbé ẹrù 6 kN síbẹ̀ lásán. Ìdáhùn tí èyí ń mú wá jẹ́ mìlímítà 1 péré, nítorí pé ẹrù tí ó wà ní C ń ti mómẹ́ǹtì 12 kN·m wọ B pẹ̀lú, òun gan-an ni ó sì ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwálẹ̀ náà.

Mómẹ́ǹtì jẹ́ 24 kN·m ní A, ó sì jẹ́ 12 ní B. Bí a bá pín wọn fún EI apá AB, a ó rí 0.0015 ní A àti 0.00075 ní B. Ní apá BC, mómẹ́ǹtì 12 kan náà di 0.0015, nítorí náà àwòrán M/EI gbọ́dọ̀ fò sókè lójijì ní B. Ẹni tí ó bá fi ìlà dídagun so ibẹ̀ pọ̀, tàbí tí ó lo ìpíndọ́gba EI, ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìfẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àwòrán M/EI láàárín A àti B nìkan ni a nílò; a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìjìnnà àárín rẹ̀ sí B. Ẹ pín in sí méjì: onígun mẹ́rin, 0.00075 × 2 = 0.0015, tí àárín rẹ̀ jìnnà sí B ní mítà 1. Àti onígun mẹ́ta, 0.00075 × 2 ÷ 2 = 0.00075, tí àárín rẹ̀ jìnnà sí B ní mítà 4/3.

```
0.0015 × 1 + 0.00075 × 4/3 = 0.0025 m
```

Mìlímítà 2.5 nìyẹn. Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó léwu jù ni kí a wọn àwọn ìjìnnà wọ̀nyí láti A. Onígun mẹ́rin kò ní fi àṣìṣe náà hàn, nítorí pé mítà 1 náà ni. Ṣùgbọ́n ti onígun mẹ́ta yóò di 2/3, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ mìlímítà 2, èyí tí ó jọ òótọ́ débi pé kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni bí A ṣe jìnnà sí ìlà tí ó fara kan bíìmù ní B, ìlà yẹn sì ti dagun. Ìlà tí ó fara kan bíìmù ní A ni ògiri mú dúró gbọọrọ, òun nìkan ni a lè fi wọn ìwálẹ̀ B tààrà.

Bákan náà ni kí ẹ má ṣe wá ìwálẹ̀ C, tí ó jẹ́ mìlímítà 9, kí ẹ sì pín in sí méjì.

Láti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ sọ EI apá BC di ìlọ́po mẹ́wàá. C yóò yí padà, ṣùgbọ́n bí B bá kúrò lórí 2.5, ìfẹ̀ apá BC ti wọ inú ìṣirò yín.