Bí olùkọ́ ṣe lè wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ físíìsì mẹ́ta tó le

Ẹ má tíì ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, láìdárúkọ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí ẹ máa pa á rẹ́.

Sùpapọsíṣọ̀n, ìyẹn kí hóró kan wà ní ipò méjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń gbé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣubú. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó pè é ní "àdàlù ipò". Ẹ̀wà àti àgbàdo ló sọ sí àwọn ọmọ lọ́kàn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ara rẹ̀ nínú ìkòkò. Wọ́n wá gbà pé hóró ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń mì ní òòró tàbí ní ìbú tẹ́lẹ̀, àwa ni a ò kàn mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì, irú èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo kọjá. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú kakuléétọ̀ tó ti bàjẹ́ tó fún èyí, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀. Ẹ gbé àkọ́kọ́ sí ìdàgẹ̀rẹ̀, dígírì 45, kí ẹ máa yí èkejì níwájú rẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá. Bí èkejì bá wà ní òòró, bí ìdajì rẹ̀ ló ń kọjá. Bó bá dàgẹ̀rẹ̀ sí òdìkejì, òkùnkùn ni. Ká ní àdàlù òòró àti ìbú ni, ìdajì ni ì bá máa kọjá níbi gbogbo tí ẹ bá yí i sí. Kò ní ṣókùnkùn láé.

Nítorí náà, "ipò àròpọ̀" là ń pè é. A ro òòró pọ̀ mọ́ ìbú, ìdàgẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Àwọn ọmọ ti mọ àròpọ̀ nínú ìṣirò, ó sì bá ẹ̀kọ́ ìgbì mu.

Fún ẹntángúmẹ́ǹtì, ìyẹn kí hóró méjì jọ ní ipò kan ṣoṣo bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra, ẹ yàgò fún "ìsopọ̀": okùn ló ń mú wá sọ́kàn, kò sì sí iṣẹ́ tí ọ̀kan lè fi rán sí èkejì. Ẹ yàgò fún ìbejì tó wọ aṣọ kan náà láti ilé pẹ̀lú. Láti 1964 ni onímọ̀ físíìsì John Bell ti fi hàn pé àdéhùn àtilé kò lè ṣàlàyé bí èsì wọn ṣe ń bára mu. "Ipò àjọní" ló yẹ ẹ́, bí ilé ẹbí tí a kò tíì pín: ilé wà, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí ẹnikẹ́ni lè pè ní tòun nìkan.

Wíwọ̀n hóró, tó máa ń yí ipò rẹ̀ padà, dà bí èyí tó rọrùn, àfi ìgbà tí ọmọ kan bi mí pé aṣọ tí télọ̀ wọ̀n, ṣé ó ń yí padà ni? Láti ọjọ́ náà, "wíwọ̀n ayípòpadà" ni mo ń kọ sára pátákó. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún béèrè ọ̀rọ̀ télọ̀.