Bí ojú ìwé bá ń tún ara rẹ̀ ṣí lórí fóònù: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ pa àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ pa

Obìnrin kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ mú fóònù wá bá wa. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ àgbẹ̀, ó kù kó ya káàdì rẹ̀ ní fọ́tò. Ó ṣí kámẹ́rà, ó ya á, ó padà sí Chrome, ó bá fọ́ọ̀mù náà lófìfo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tún un kọ. Ó ti pa fọ́tò ọmọ rẹ̀ rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dùn wá gan-an, nítorí kò yẹ kó pa wọ́n rẹ́.

Fóònù ní àká, ó sì ní àtẹ. Inú àká ni fọ́tò àti fídíò ń gbé. Àtẹ ni wọ́n ń pè ní Ráàmù, ibi tí fóònù ń tẹ́ ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí; pípa fọ́tò rẹ́ kì í fi àyè kún un. 1GB péré ni àtẹ fóònù obìnrin yìí. Nígbà tí kámẹ́rà dé, Android kó Chrome kúrò kí ó lè ráyè. Bó ṣe padà, Chrome ní láti lọ mú ojú ìwé náà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lákọ̀tun, ohun tó ti kọ sì ti lọ.

Ohun tí a ṣe nìyí. Lókè Chrome, àpótí kékeré kan wà tó ní nọ́ńbà nínú. 23 ló wà nínú tirẹ̀, ìyẹn ni pé ojú ìwé 23 ló ṣí sílẹ̀. A ti gbogbo wọn, ó ku ẹyọ kan. A pa fóònù, a tún tàn án. A ya káàdì náà kó tó ṣí fọ́ọ̀mù rárá, a sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà. Nígbà tí kóòdù wọlé nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kò jáde: ó fi ìka fa òkè ojú fóònù wálẹ̀, ó kà á níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà wọlé.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ò kúrò lójú ìwé náà rárá tó fi kú, tí ẹ rí `Aw, Snap!`, ojú ìwé náà ló ṣeé ṣe kó wúwo jù fún àtẹ yín, tàbí kí àká ti kún. Ẹ wo àká ní `Settings`, lábẹ́ `Storage`. Bó bá kún, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta nínú Chrome, ẹ tẹ `Delete browsing data`. Lórí Chrome àtijọ́, `Clear browsing data` ni. Ẹ máàkì `Cached images and files` nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan `Cookies and site data`, nítorí á yọ yín kúrò lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì tẹ́ ẹ ti wọlé. Ẹ má sì tẹ `Clear storage`, `Clear data` tàbí `Clear all data` ti Chrome nínú `Settings`: á gbá ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ́ ẹ fi pamọ́ sórí fóònù nìkan dànù.

Bí ojú ìwé kan ṣoṣo bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ yá fóònù tí Ráàmù rẹ̀ tó 3GB fún fọ́ọ̀mù yẹn, kẹ́ ẹ sì jáde nínú àkáǹtì yín kẹ́ ẹ tó dá a padà.