Túùbù tí mo ń pò mọ́ ìpara: bí mo bá fi sílẹ̀, ojú mi á máa jó

Ìbéèrè (Kàbà): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń po túùbù kan mọ́ ìpara, tí mo ń fi pa ojú. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ́ dáadáa. Ní báyìí, tí mo bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú á máa jó, irorẹ́ á bò ó. Tí mo bá tún padà sí i, á rọlẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ ka ẹ̀yìn túùbù yẹn. Bí ẹ bá rí kùlóbẹ́tásọ́lù 0.05%, sítẹ́rọ́ọ̀dù tó le jù ni. Àrùn awọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú kọ́ ni àyè rẹ̀ rárá. Ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀, ó sì ń dín ohun tó mú awọ nípọn kù. Nígbà tí ẹ bá dá a dúró, iṣan á là lójijì: òun ló ń jó yín. Pípadà sí i kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, awọ á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú díńgí. Bó bá ń dán, tí ẹ rí iṣan ẹ̀jẹ̀ bí òwú tínrín, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ojú nìkan, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì mú túùbù lọ bá dókítà awọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti fásílíìnì ti tó. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Jíjó náà lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gbogbo ara lẹ ti ń pa á, ẹ má dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀: ara lè ti dẹ́kun ṣíṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ sì ń bì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè (Ìsánlú): Èyí tí wọ́n ń bù tà lọ́jà ńkọ́? Wọ́n ní ká bọ́ wúrà ká tó pa á.

Ìdáhùn: Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló tú u fó pé mẹ́kúrì (Hg) wà nínú rẹ̀, nítorí mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà àti fàdákà. Ó ń dí ohun tó ń ṣe àwọ̀ dúdú lọ́wọ́, ó sì ń gba awọ wọlé lọ bá kíndìnrín. Bí ìtọ̀ bá ń hó bí ọṣẹ, tí ẹsẹ̀ sì wú, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀. Ọmọ tí ẹ ń pọ̀n náà ń gbà nínú rẹ̀. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ burú jù; inú ọ̀rá méjì ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ NAFDAC ibi tí ẹ ó dà á sí.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n fi mú ojú dọ́gba?

Ìdáhùn: Oòrùn ló ń mú àbàwọ́n dúdú padà wá, nítorí náà ìpara ìdènà oòrùn SPF 30 ló ṣáájú: gígùn ìka méjì fún ojú àti ọrùn láàárọ̀, kí ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì bí ẹ bá wà lóko. Nígbà tí jíjó bá ti lọ, ásíìdì àsẹ́láìkì 20%, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ fo ọjọ́ kan láàárín. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni kí ẹ fún un. Àbàwọ́n ló ń dín kù, kò ní sọ ara di pupa.